Bí ilé búrẹ́dì ṣe lè máa ra ọjà níwọ̀n láìjẹ́ kí iṣẹ́ dúró

Ẹni tó bá wọ sítọ́ọ̀ ilé búrẹ́dì tó rí àpò fúláwà tí wọ́n tò kan àjà lè rò pé owó ló ń wò. Owó ni lóòótọ́, àmọ́ owó tó ń sùn ni. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò Toyota ní Jàpáànù ló sọ ọ̀nà mìíràn di ètò: kí ohun èlò dé gẹ́lẹ́ nígbà tí a fẹ́ lò ó, ní iye tí a fẹ́ lò, kó má ṣáájú, kó má sì pẹ́. Kiichiro Toyoda ti gbé èrò yìí kalẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn ní ọdún 1938. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Taiichi Ohno wá sọ ọ́ di ìlànà tí òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ mú, pẹ̀lú káàdì kékeré tí wọ́n ń pè ní kánbáǹ, tó ń sọ fún ẹni tó ń kó ohun èlò wá pé, "Èyí ti tán, gbé òmíràn wá."

Ètò náà dára, àmọ́ orí ohun kan ló dúró: kí ẹni tó ń kó ọjà wá máa dé lọ́jọ́ tó dá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ohun èlò wá fún Toyota wà ní agbègbè Aichi kan náà, tí ọkọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo ọjà tó ń lò. Nítorí náà, kò yẹ kí a bi ara wa bóyá ká lo ètò yìí tàbí ká má lò ó. Ọjà wo ló gbà á, ọjà wo ni kò gbà á? Ìyẹn ni ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a sì gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan tó ń lo àpò fúláwà 10 lóòjọ́, àpò oníkílò 50, kí a sì bá a ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye owó tí mo máa dárúkọ, ìṣirò ni mo fi ń ṣe. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ ń lò lóòjọ́ sílẹ̀

Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ẹ so ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, kí ẹni tó bá gbé ohunkóhun jáde kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà méjì jáde fún ọjà kọ̀ọ̀kan: iye tí ẹ sábà máa ń lò lóòjọ́, àti iye tó ga jù tí ẹ lò rí lọ́jọ́ kan. Ní ilé búrẹ́dì tiwa yìí, fúláwà sábà máa ń jẹ́ àpò 10, àmọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ó máa ń di 12. Bí àpò kan bá ń mú nǹkan bí búrẹ́dì ńlá 90 jáde, a ń lo ọ̀rá búrẹ́dì 900 lóòjọ́, a sì lè lo 1,080 lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Yíìsì tó jẹ́ ìwọ̀n kan nínú ọgọ́rùn-ún fúláwà máa jẹ́ kílò 5, ìyẹn páálí kéékèèké oníkílò ààbọ̀ 10.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ọjọ́, kì í ṣe ìlérí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá bi alágbàtà pé ọjọ́ mélòó ni ẹrù máa gbà, ọjọ́ tó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ẹ lọ wo ìwé rísíìtì yín. Fún rírà mẹ́wàá tó kẹ́yìn lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sanwó àti ọjọ́ tí ẹrù wọ sítọ́ọ̀ yín. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò ní dípò, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí wọn, kò kàn wá, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ ní Àpápá. Ọkọ̀ lè ti dé etíkun kó ṣì wà lójú omi tó ń dúró de àyè. Wọ́n lè ti já ẹrù náà tán kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù má tíì parí. Ìwé lè parí kí tírélà má tíì rí ọ̀nà jáde. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn wà lára ọjọ́ ìdúró yín.

Nínú mẹ́wàá náà, ẹ mú iye ọjọ́ tó sábà máa ń gbà, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ èyí tó pẹ́ jù. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ máa fi ṣe ìpinnu. Ẹrù tó ń gba 30 ọjọ́ láìyẹ̀ rọrùn ju èyí tó ń gba 5 lónìí, 3 lọ́la, 19 lọ́túnla. Èèyàn lè gbára dì de ọ̀nà tó jìn. Ọ̀nà tí kò ṣeé gbọ́kàn lé ló ń bá ni lójijì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ tún ọjà rà

Ọ̀nà tó rọrùn jù, tí kò sì ní jẹ́ kí ojú tì yín, nìyí: iye tó ga jù tí ẹ ń lò lóòjọ́, ẹ fi iye ọjọ́ tó pẹ́ jù sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ọjà inú sítọ́ọ̀ bá ti já sí iye yẹn, ẹ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Fúláwà: ní ìwé wa, ọjọ́ 2 ló sábà máa ń gbà láti dípò, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ọjọ́ 4. Ìlọ́po 12 àti 4 jẹ́ 48. Bí ó bá ku àpò 48, a ránṣẹ́ gba 50. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe sábà máa ń lọ, a óò lo 20 kí ọjà tó dé, a óò bá 28 nílẹ̀, sítọ́ọ̀ á sì di 78. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ dé ọjọ́ kẹrin ní òpin ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀, àpò ìkẹyìn ń wọ ẹ̀rọ ìpò nígbà tí ọkọ̀ ń wọlé. Ó há, àmọ́ iṣẹ́ kò dúró.

Ẹ fi pákó tí ẹ ń to àpò lé pín sítọ́ọ̀ sí ìlà-ìlà, kí ẹ sì fi káàdì pupa sí ibi tí àpò 48 bá kù. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kan káàdì náà kò ní ka àpò, kò sì ní dúró de ọ̀gá. Ó gbé káàdì náà lọ fún ẹni tó ń ra ọjà. Ẹ rántí pé àpò tó kọ́kọ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àpò kan náà ṣe àpò ìpamọ́ títí kòkòrò fi gba inú rẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, pẹ̀lú ìṣirò

Ká ní tẹ́lẹ̀ ẹ máa ń ra àpò 300 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ẹ sì tún máa ń fi 28 pamọ́. Ohun tó máa ń wà nílẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba káàkiri oṣù, jẹ́ nǹkan bí àpò 178. Ní báyìí tí ẹ ń ra 50 ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ó di 53. Àpò 125 ni ìyàtọ̀. Bí àpò bá jẹ́ ₦60,000, owó tó jí láti ojú oorun jẹ́ ₦7,500,000. Bí èlé owó tí ẹ yá bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ₦187,500 lẹ máa ń san lóṣù lórí fúláwà tó kàn jókòó.

Ẹ má tíì jó. Ẹ yọ owó ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ń gba ₦120,000 láti kó 300 wá, tí ọkọ̀ kékeré sì ń gba ₦40,000 láti kó 50, ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù jẹ́ ₦240,000, ó fi ₦120,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó kù nínú èlé náà jẹ́ ₦67,500. Bí owó epo bá tún lọ sókè díẹ̀, ó lè má ku nǹkan kan. Nígbà náà, ẹ wá ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò kí ẹ jọ máa pín ọkọ̀, tàbí kí ẹ máa ra 100 dípò 50.

Àǹfààní tí mo fẹ́ràn jù kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí fúláwà tó dé bá jẹ́ èyí tí kò lágbára, tí búrẹ́dì kò gòkè dáadáa, láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ máa mọ̀, àpò tó sì kù lọ́wọ́ yín kò ní pọ̀. Ẹni tó ra 300 lẹ́ẹ̀kan ti mú ìṣòro oṣù kan wọlé.

Ẹnìkan máa bi mí pé, "Ọjà ń gbówó lérí lójoojúmọ́, ṣé kí n má rà sílẹ̀ ni?" Ó lè tọ́ kí ẹ rà sílẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé òwò mìíràn lẹ ń ṣe yẹn. Ní èlé 30 yìí, àpò ₦60,000 kan ń jẹ ₦1,500 lóṣù. Bí ẹ bá ní ìdí gidi láti gbà pé ó máa fi jù bẹ́ẹ̀ lọ gbówó lérí kí oṣù tó parí, ẹ rà á. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé yín, kí ẹ má baà pe tẹ́tẹ́ lórí owó ọjà ní ètò sítọ́ọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ohun kékeré tó lè ti ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé iṣẹ́ Aisin kan ní ìlú Kariya, ní Jàpáànù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fáàfù bíréèkì kékeré kan tó ń díwọ̀n agbára tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò. Ohun tí èèyàn lè mú dání ni, kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó ń wọ̀. Àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni Toyota ti ń gba ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó ń lò, èyí tó sì wà nílẹ̀ kò lè pẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé iṣẹ́ Toyota ní Jàpáànù ló dúró. Wọ́n bọ́ nínú rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó jọ ń bá wọn ṣòwò gba àwòrán fáàfù náà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tiwọn ṣe é tọ̀sán-tòru. Èmi kò mọ ilé búrẹ́dì tó ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Fáàfù tiyín ni ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹyọ rẹ̀ lè má ju ₦30 lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń rò ó. Bẹ́ẹ̀, orúkọ yín àti nọ́ńbà NAFDAC yín ló wà lára rẹ̀. Ẹ kò lè lọ yá ti aládùúgbò. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ní àwo ìtẹ̀wé yín lọ́wọ́, kì í sì í tẹ díẹ̀. Ká ní nínú ìwé wa, ọjọ́ 14 ló sábà máa ń gbà, àmọ́ nígbà tí iná mànàmáná kò dúró tí rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe é sì wọ́n, ó gba 35. Ìlọ́po 1,080 àti 35 jẹ́ 37,800. Iye yẹn ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ gba òmíràn.

Ó dà bíi pé ó pọ̀ jù, àbí? Owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,134,000. Ẹ fi wé èrè orí búrẹ́dì 900 lóòjọ́, tí ẹ bá fi ọjọ́ 21, ìyẹn ìyàtọ̀ àárín 14 àti 35, dúró de ọ̀rá. Lórí ọjà báyìí, ẹ má gbìyànjú àtifi ètò yìí dín nǹkan kù. Owó tí ẹ rí lójú fúláwà, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra ọ̀rá sílẹ̀. Kì í bàjẹ́ bí ẹ kò bá jẹ́ kí oòrùn àti eku dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ di pàǹtí ni bí ẹ bá yí àdírẹ́sì tàbí àwòrán ara rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ ṣe ìyẹn nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tọ ọjà dé orísun rẹ̀

Yíìsì rọrùn lójú. Alágbàtà méjì ló wà láàárín ìlú, ẹ fóònù, ó dé lọ́la. Ìwé yín máa sọ pé ọjọ́ 1, kò sì kọjá 2. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìṣirò òkè yìí nìkan, ohun tó kéré gan-an lẹ máa fi pamọ́.

Ẹ bi àwọn méjèèjì pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gbà á. Bí àwọn méjèèjì bá ń gbà á lọ́wọ́ akẹ́rù-wọ̀lú kan náà ní Èkó, alágbàtà kan lẹ ní, kì í ṣe méjì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun rẹ̀ bá pẹ́, àwọn méjèèjì máa sọ "kò sí" lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ilé búrẹ́dì ìlú á sì máa wá a pa pọ̀. Toyota pàápàá kọ́ èyí lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2011: àwọn tó ń kó ohun èlò wá fún wọn pọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n tọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ohun kan náà láti orísun kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn tó ń kó wọn wá máa fi èyí tó lè tó oṣù méjì sí mẹ́fà pamọ́ lára àwọn ohun ẹlẹ́kítíróníìkì kéékèèké kan. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyẹn wọ́n káàkiri ayé ní 2021, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kan Toyota ju ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ.

Yíìsì gbígbẹ tí wọ́n fún pa, tí a kò tíì tú, ń pẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ó sábà máa ń tó ọdún méjì láti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Kò gba àyè. Páálí 300, tó jẹ́ kátọ́ọ̀nù 15 bí kátọ́ọ̀nù bá jẹ́ ẹlẹ́yọ 20, tó yín lo fún oṣù kan. Ẹ fi í sí ibi tútù, kí ẹ sì máa lo ti àtijọ́ ṣáájú.

Ẹ̀yin tó ń kó ọjà wọ̀lú fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan. Bí ẹrù bá ń gba 60 ọjọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti sanwó, tí ẹ sì ń lo 10 lóòjọ́, 600 ló wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo, owó yín ló sì wà nínú rẹ̀. Sítọ́ọ̀ tó ṣófo kò túmọ̀ sí pé ẹ ti dín ọjà kù. Ojú omi ni sítọ́ọ̀ yín wà. Ojú omi náà kò sì sí níkàáwọ́ yín. Nígbà tí ìkọlù sí àwọn ọkọ̀ ní Òkun Pupa mú kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Éṣíà lọ sí Yúróòpù yípo gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ilé iṣẹ́ Tesla tó wà nítòsí Berlin dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí pé ohun èlò kò dé. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ máa pín rírà rẹ̀ sí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbéra ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdádúró kan má baà mú gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo àmì

Ẹ má ṣe já láti 300 sí 50 lọ́sẹ̀ kan. Ẹ máa ra 150 lẹ́ẹ̀kan fún oṣù kan, ẹ máa ra 100 lẹ́ẹ̀kan fún òmíràn, lẹ́yìn náà 50. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún alágbàtà fúláwà yín pé kì í ṣe pé ẹ ń dín ọjà kù. Iye kan náà ni lóṣù, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ fún un ní ìwé ohun tí ẹ máa gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀, kí ẹ sì máa sanwó lọ́jọ́ tí ẹ dá. Oníbàárà tó ń jẹ gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fò dá nígbà tí ọjà bá wọ́n. Ẹ sì máa ra díẹ̀, bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá, lọ́wọ́ alágbàtà kejì tí orísun rẹ̀ yàtọ̀ gan-an, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ẹ kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí kò ní dá yín lóhùn lọ́jọ́ ìṣòro.

Àmì tó ń fi hàn pé ètò náà ti ń yẹ̀ máa ń ṣáájú ọjọ́ tí ọjà máa tán. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ààbọ̀ ohun tí ẹ béèrè wá. Alágbàtà tó ń gbà lẹ́yìn tí ẹrù dé ní kí ẹ máa sanwó sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó máa ń pè yín tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ẹ̀yin ń pè. Èyí tó ṣeé kà jù ni iye tó kù nílẹ̀ nígbà tí ọjà tuntun bá dé: lórí fúláwà tiwa, 28 ló yẹ kó kù. Ẹ máa kọ ọ́ sára rísíìtì nígbàkigbà. Bó bá wà lábẹ́ 14 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ má dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ tún ọjọ́ tó pẹ́ jù kà, ẹ tún ìlọ́po náà ṣe, kí ẹ sì gbé káàdì pupa náà sókè lọ́jọ́ yẹn.